Bí mo ṣe ń ya ẹsẹ̀ tábìlì tí wọ́n máa yí lórí ẹ̀rọ, àti bí mo ṣe ń yẹ ìwọ̀n ẹ̀ wò kí igi tó bàjẹ́

Igi téèkì mẹ́rin ni mo fi ṣòfò nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, ẹ̀gbọ́n tó ń bá mi yí igi wà ní Kétu lọ́hùn-ún, n ò sì lè máa wọkọ̀ lọ bá a ní gbogbo ìgbà tó bá ní ìbéèrè, torí náà àwòrán tí mo bá fi ránṣẹ́ lórí Wátsáàpù ló ń bá a sọ̀rọ̀ dípò mi. Mo ya àbọ̀ ẹsẹ̀ tábìlì kan sórí bébà, mo kọ 34 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sanra jù, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé láti àárín gbùngbùn igi dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ mílímítà 34. Ẹ̀gbọ́n rí 34, wọ́n fi irin ìwọ̀n wọn, píyẹ́ à kulíìsì, sí 34, wọ́n yí igi náà títí ó fi di 34 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, torí bí gbogbo ẹni tó ń yí igi ṣe máa ń ka nọ́ńbà nìyẹn. Wọ́n tiẹ̀ pè mí pé ṣé tábìlì kékeré ni, mo ní rárá o, tábìlì ìjẹun ni, kí wọ́n ṣáà ṣe é bí mo ṣe yà á. Nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé, ọrùn ìsàlẹ̀ wọn ò ju mílímítà 17 lọ, ìka ọwọ́ mi sanra bákan náà. Mo pè wọ́n, wọ́n ní "Àbúrò, ohun tó o kọ ni mo ṣe." Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Látìgbà yẹn, inú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ya ẹsẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́, mo sì ń yẹ ìwọ̀n ẹ̀ wò nígbà mẹ́ta: nínú kọ̀ǹpútà, lórí bébà, àti lára igi fúnra ẹ̀. `FreeCAD` ni mò ń lò, ọ̀fẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán kò tún nílò íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Tèmi jẹ́ `1.0`, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sí. Tó bá jẹ́ Faransé ni tiyín, `Sketch` á di `Esquisse`, `Revolution` á di `Révolution`, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ igi

Ẹ má tíì tan kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú igi tó wà nílẹ̀, torí igi ló máa sọ bí ẹsẹ̀ ṣe lè sanra tó. Ẹ jẹ́ ká mú tábìlì ìjẹun kan tí gbogbo gíga ẹ̀ jẹ́ 750, pákó orí ẹ̀ nípọn ní 30, ẹsẹ̀ á wá jẹ́ 720. Mílímítà ni gbogbo ìwọ̀n tí mo bá kọ níbí. Nínú 720 yẹn, 120 tó wà lókè máa wà ní onígun mẹ́rin bó ṣe wà, torí ibẹ̀ ni ìgbànú tábìlì máa wọ̀, ìyẹn àwọn pákó tó so ẹsẹ̀ pọ̀ lábẹ́ ojú tábìlì. 600 tó kù nísàlẹ̀ la máa yí.

Igi tí mo ní, wọ́n ti fá a dé 70 sí 70. Òbìrìkìtì tó tóbi jù tó lè jáde nínú igi onígun mẹ́rin tó fẹ̀ ní 70 náà ni 70, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ya 70, irin ò ní rí nǹkan kan gé níbẹ̀, ojú pákó tẹ́lẹ̀ máa ṣì hàn lára ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin. Torí náà mo fi ibi tó sanra jù sí 68. Ẹ kíyè sí ohun tí 68 yẹn túmọ̀ sí: mílímítà 1 péré ló ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹni tó ń yí i bá fi ojú àárín igi sí ibi tó fi ju mílímítà 1 yà kúrò ní àárín gangan, ẹ̀gbẹ́ kan máa pẹlẹbẹ níbi tó yẹ kó rogodo. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n fa ìlà láti igun dé igun lórí ẹnu igi méjèèjì, ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé ni àárín. Láti igun dé igun igi 70 yìí jẹ́ bíi 99, ohun tó ń yí nínú ẹ̀rọ nìyẹn kí wọ́n tó gé igun kúrò, torí náà kí wọ́n fi ọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó tan iná, kí igun má lọ gbá irin tí wọ́n ń gbé ọwọ́ lé.

Mo máa ń jẹ́ kí igi gùn ju 720 lọ, 20 lókè, 20 nísàlẹ̀, torí pé ẹnu ẹ̀rọ máa dá ihò sí ìdí igi méjèèjì, a ó sì gé ibẹ̀ kúrò nígbẹ̀yìn.

Kọ ọ́ sórí bébà ná, òpó méjì

Ẹsẹ̀ tá a fẹ́ yà yìí rọrùn. Nísàlẹ̀, kókó kan tó wú bí ọsàn wẹ́wẹ́, lórí kókó yẹn ẹsẹ̀ á tín-ín-rín, á wá máa sanra díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè ní ìlà gbọọrọ, lókè ibẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kan yípo ẹ̀, lẹ́yìn náà ikùn kan tó rọra wú, lẹ́yìn náà orí onígun mẹ́rin. Gíga, ilẹ̀ ni mo ti wọn gbogbo ẹ̀.

| Gíga láti ilẹ̀ | Àbọ̀ fífẹ̀ | Fífẹ̀ odindi | Ibo ni |
|---|---|---|---|
| 0 | 17 | 34 | ibi tó kan ilẹ̀ |
| 35 | 26 | 52 | kókó ìsàlẹ̀, ibi tó sanra jù |
| 70 | 17 | 34 | ọrùn ìsàlẹ̀ |
| 470 | 28 | 56 | òpin ìlà gbọọrọ |
| 470 | 24 | 48 | ìdí ìlẹ̀kẹ̀ |
| 480 | 34 | 68 | góńgó ìlẹ̀kẹ̀ |
| 490 | 24 | 48 | orí ìlẹ̀kẹ̀ |
| 500 | 24 | 48 | ìdí ikùn |
| 550 | 33 | 66 | àárín ikùn |
| 600 | 24 | 48 | ọrùn òkè, orí onígun mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ |

470 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe àṣìṣe, ìlà gbọọrọ dé 28 ó wá wọlé sí 24 lẹ́ẹ̀kan náà, àtẹ̀gùn kékeré kan nìyẹn.

Òpó méjì àárín yìí ló gba igi mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Kọ̀ǹpútà àbọ̀ fífẹ̀ ló fẹ́, ohun tí wọ́n ń pè ní rédíọ́sì, torí pé àbọ̀ ẹsẹ̀ nìkan la máa yà tí kọ̀ǹpútà á wá yí i po. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ fífẹ̀ odindi ló fẹ́, dáyámítà, torí òun ni irin ìwọ̀n ẹ̀ lè mú. Kò sẹ́ni tó lè fi irin ìwọ̀n kan àárín igi. Torí náà mo máa ń kọ òpó méjèèjì sí bébà tèmi, ṣùgbọ́n bébà tó ń lọ sí Kétu, òpó fífẹ̀ odindi nìkan ló máa wà níbẹ̀, mo sì máa ń kọ Ø, àmì fífẹ̀ odindi, síwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Yíya àbọ̀ ẹsẹ̀

Ẹ ṣí `FreeCAD`, ẹ lọ sí `Part Design`, ẹ tẹ `Create body`, lẹ́yìn náà `Create sketch`, tó bá bi yín lójú wo lẹ fẹ́ yà á sí, ẹ mú `XZ_Plane`. Ìdí ni pé ẹsẹ̀ máa dúró ṣánṣán tẹ́ ẹ bá yí i po, gíga á lọ sí apá `Z`, á sì rọrùn láti bi í ní ìbéèrè lẹ́yìn náà. Ẹ máa rí ìlà pupa tó dùbúlẹ̀ àti ìlà àwọ̀ ewé tó dúró. Ìlà tó dúró yẹn ni àárín gbùngbùn igi yín, apá ọ̀tún ẹ̀ nìkan lẹ ti máa yà.

Ẹ fi `Polyline` fa àwọn ìlà tó tọ́, ẹ fi irinṣẹ́ tó ń fi ojú mẹ́ta ya ìlà ọrun ya kókó, ìlẹ̀kẹ̀ àti ikùn. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí nọ́ńbà ní báyìí, ẹ ṣáà ya nǹkan tó jọ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, ẹ lọ sí ọ̀tún, ẹ gòkè gba ara ẹsẹ̀, tẹ́ ẹ bá dé 600 ẹ wọlé padà sí ìlà àárín, ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ lórí ìlà àárín dé ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà 9 ni gbogbo ẹ̀, ọrun 3, ìlà tó tọ́ 6. Ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ ní àárín yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, wọ́n rò pé ìlà àwọ̀ ewé ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Kò ṣe é. Ìyẹn kàn ń fi ibi tí àárín wà hàn ni, ẹ gbọ́dọ̀ fa tiyín lé e lórí kí àwòrán lè pa ẹnu dé.

Ó wá kan nọ́ńbà. Ẹ mú ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú ìpàdé `0,0`, ẹ fún un ní ìwọ̀n ìbú, ìyẹn àbọ̀ fífẹ̀, ẹ tún fún un ní ìwọ̀n gíga. Láti `0,0` ni nígbà gbogbo o. Ẹ má wọn gíga ìlẹ̀kẹ̀ láti orí kókó, kẹ́ ẹ wá wọn ikùn láti orí ìlẹ̀kẹ̀, torí tí ọ̀kan bá ṣì, gbogbo èyí tó wà lókè ẹ̀ á ṣì tẹ̀lé e. Ẹni tó mọ iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí igi kan ló ti máa ń wọn gbogbo àmì ẹ̀.

Fún ọrun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí àti orí wọn ti wà nínú tábù òkè yìí, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tíì sọ bí wọ́n ṣe wú tó. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi ojú kan (`Point`) sórí ọrun náà, mo so ó mọ́ ọn kó má lè kúrò lórí ẹ̀, mo wá fún ojú yẹn ní ìwọ̀n: 26 àti 35 fún kókó, 34 àti 480 fún ìlẹ̀kẹ̀, 33 àti 550 fún ikùn. Ẹ sọ àwọn ojú yìí di `Construction` kí wọ́n má bàa dà pọ̀ mọ́ ìlà ara ẹsẹ̀. Ẹ wò ó pé ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní àárín ìdí àti orí ọrun wọn gangan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọrun tí ìdí ẹ̀ àti orí ẹ̀ bá fẹ̀ bákan náà, àárín ẹ̀ ló máa ń wú jù. Ká ní mo fi ojú kókó sí gíga 45, ọrun á ṣì gba ibẹ̀ kọjá ní 26, ṣùgbọ́n ibi tó sanra jù á wà nísàlẹ̀ ẹ̀, á sì ju 26 lọ, nọ́ńbà tí mo kọ ò ní jẹ́ irọ́ ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ohun tí mo rò.

Nǹkan kan wà tó máa dà yín láàmú níbí. Ìlà gbọọrọ yẹn, láti 70 dé 470, ó gùn ní 400 ṣùgbọ́n mílímítà 11 péré ló fi yà sọ́tùn-ún. Lójú `FreeCAD` ìlà tó dúró ṣánṣán nìyẹn, ó máa fúnra ẹ̀ so ó pọ̀ pé kó dúró ṣánṣán, àmì kékeré kan tó rí bí igi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fi 17 sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́ ẹ fi 28 sókè ẹ̀, ó máa yarí, á kọ pupa sí ẹ̀gbẹ́, torí ẹ ní kó dúró ṣánṣán ẹ tún ní kó fì. Ẹ má pa nọ́ńbà rẹ́, àmì yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ kẹ́ ẹ pa rẹ́. Mo ti rí ẹni tó fi 17 sí méjèèjì kí pupa yẹn lè lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ wá rí bí páìpù omi.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti ní ìwọ̀n, àwòrán á yí sí àwọ̀ ewé, wọ́n á kọ `Fully constrained`. Tí ìlà kan bá ṣì funfun, ẹ fi máòsì fà á, èyí tó bá ń rìn ni kò tíì ní ìwọ̀n. Ẹ má fi sílẹ̀ pé ó ti dáa lójú. Ìlà tó ń rìn lónìí, tẹ́ ẹ bá yí gíga tábìlì padà lọ́la, ibi tó bá wù ú ló máa lọ.

Yíyí i po

Ẹ pa `Sketch` dé, ẹ tẹ `Revolution`. Níbi `Axis` ẹ mú `Vertical sketch axis`, `Angle` ẹ fi 360. Ẹsẹ̀ á dìde. Tó bá jẹ́ pé àwo ńlá kan tó fẹ̀ ní 1200 lẹ rí, ìlà tó dùbúlẹ̀ lẹ yí i yí ká, ẹ pààrọ̀ `Axis`.

Tí kò bá dìde rárá, nǹkan méjì ni mo sábà máa ń rí. Ọ̀kan, àwòrán ò pa ẹnu dé, ìlà méjì jọ pé wọ́n kanra ṣùgbọ́n àlàfo kékeré kan wà láàárín wọn tí ojú ò lè rí. Ẹ lọ sí `Validate Sketch`, ẹ tẹ `Find`, á fi ibi tí ojú méjì ti sún mọ́ra láìkanra hàn yín, ẹ ní kó so wọ́n. Ìkejì, ìlà kan ti kọjá ìlà àárín bọ́ sí apá òsì, bó tilẹ̀ ṣe mílímítà kan péré. Tí apá kan bá wà lọ́tùn-ún tí apá kan wà lósì, tẹ́ ẹ bá yí i po wọ́n á gba inú ara wọn kọjá, kọ̀ǹpútà ò sì mọ irú igi tó lè rí bẹ́ẹ̀.

Orí onígun mẹ́rin ò lè jáde látinú yíyí po, òbìrìkìtì nìkan ni ìyẹn ń ṣe. Ẹ ya `Sketch` tuntun sórí `XY_Plane`, onígun mẹ́rin 70 sí 70 tí àárín ẹ̀ wà lórí `0,0`, ẹ lọ sí `Attachment Offset`, ẹ fi `z` sí 600, ẹ wá tẹ `Pad` 120.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò nínú kọ̀ǹpútà

Ẹ tẹ 5 lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ láti abẹ́ ẹ̀, bí ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ẹ máa rí onígun mẹ́rin, ẹ máa rí òbìrìkìtì ìlẹ̀kẹ̀ nínú ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣùgbọ́n kò kàn án, mílímítà 1 níbí, mílímítà 1 lọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ pé fífẹ̀ odindi lẹ kọ síbi tó yẹ kẹ́ ẹ kọ àbọ̀, òbìrìkìtì yẹn á jẹ́ 136, á bo onígun mẹ́rin mọ́lẹ̀, ẹ ò nílò irin ìwọ̀n kankan láti rí i. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ tún pín àbọ̀ sí méjì, á kéré gan-an láàárín. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni àyẹ̀wò yìí ń gbà, ká ní mo ní i nígbà yẹn ni, téèkì mi ì bá ṣì wà.

Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń bi kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà. Ẹ ṣí `Python console` lábẹ́ `View`, `Panels`, ẹ lẹ èyí sínú ẹ̀, ẹ tẹ `Enter` lẹ́ẹ̀mejì:

```python
s = App.ActiveDocument.Revolution.Shape
for z in [35, 270, 480, 520, 550]:
    w = s.slice(App.Vector(0,0,1), z)[0]
    print(z, round(w.Length/3.14159, 1))
```

Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gé ẹsẹ̀ bí ẹni gé iṣu ní gíga kọ̀ọ̀kan, ó wọn yíyí ká ẹnu ibi tó gé, ó wá fi 3.14159 pín in, ohun tó kù ni fífẹ̀ odindi. Fún ẹsẹ̀ yìí ó yẹ kó kọ 52, 45, 68, 59.7 àti 66.

Ẹ wo 270 àti 520 dáadáa, wọn ò sí nínú tábù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sí i. Tẹ́ ẹ bá bi kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ fúnra yín tẹ̀ sínú ẹ̀, ó kàn máa dá a padà fún yín ni, ìyẹn ò sọ bóyá àárín ojú méjì rí bó ṣe yẹ. 270 wà ní ìdajì láàárín 70 àti 470, torí náà fífẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì láàárín 34 àti 56, ìyẹn 45. Tó bá jẹ́ 34 ló kọ, ìlà yín ṣì dúró ṣánṣán. Tó bá jẹ́ nǹkan bíi 49, ẹ ti fi ọrun síbi tó yẹ kó jẹ́ ìlà tó tọ́. Lórí ikùn náà, tí 520 bá fún yín ní nǹkan bíi 55, ìlà tó tọ́ méjì lẹ fà síbẹ̀, kì í ṣe ọrun.

Bébà tó ń lọ sí Kétu

Mo máa ń fi `TechDraw` tó wà nínú `FreeCAD` tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwọ̀n gidi, `Scale` 1, kí wọ́n lè gbé bébà náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Bébà `A4` gùn ní 297, torí náà ẹsẹ̀ 720 máa gba mẹ́ta, a ó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fẹ́ràn láti sún àwòrán kéré kó lè wọ ojú bébà, tẹ́ ẹ ò bá sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ pé 100%, á fi sí `Fit`, kò sì ní mọ̀ pé òun ti ṣe nǹkan kan. Torí náà mo máa ń fa ìlà kan tó gùn ní 100 gangan sí ẹ̀gbẹ́ bébà kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá gbà á, kí n tó kúrò níwájú ìsọ̀ ni mo ti máa ń fi rúlà wọn ìlà yẹn. Tó bá jẹ́ 97, mo dá a padà. Ó lè dà bíi pé mílímítà 3 ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ 68 á ti di 66, àti 600 tá a fẹ́ yí á ti pàdánù 18, tábìlì á wá rẹlẹ̀ fún àga.

Èyí tó ń lọ lórí Wátsáàpù yàtọ̀. Fóònù ò mọ ìwọ̀n gidi, torí náà tábù gíga àti Ø nìkan ni mo máa ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán odindi ẹsẹ̀, kì í ṣe àbọ̀. Mo máa ń kọ ọ́ sókè ẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà pé "gbogbo fífẹ̀ jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, gbogbo gíga jẹ́ láti ilẹ̀". Tí mo bá fi ránṣẹ́ tán, mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n, mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìlẹ̀kẹ̀ fún mi." Wọ́n á ní "68." Mo tún á ní "Ọrùn ìsàlẹ̀ ńkọ́?" "34." Nígbà yẹn ni mo tó máa fọkàn balẹ̀.

Lára igi

Nídìí ẹ̀rọ, wọ́n á kọ́kọ́ yí apá 600 yẹn di òbìrìkìtì, wọ́n á fi pẹ́ńsù sàmì gíga kọ̀ọ̀kan sí i láti ìdí kan ṣoṣo, wọ́n á wá gé ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí àwọn ibi tó tín-ín-rín, 70, 470, 490, 500, 600, títí irin ìwọ̀n á fi kọjá. Mílímítà 1 ni mo máa ń ní kí wọ́n fi sókè ohun tí mo kọ, 35 dípò 34, torí sáńpépà náà ń jẹ igi. Kí ẹ̀rọ dúró pátápátá kí wọ́n tó fi píyẹ́ à kulíìsì kàn án o, tí igi bá ń yí lọ́wọ́ ó lè fa irin yẹn já gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹni tí kò bá ní píyẹ́ à kulíìsì, òwú tó le tó. Ẹ wé òwú yípo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ sàmì sí ibi tó ti pàdé, ẹ nà án sórí rúlà, ẹ fi 3.14 pín in, bí kọ̀ǹpútà ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ìlẹ̀kẹ̀ 68 á gba òwú bíi 213 tàbí 214, ikùn 66 á gba 207, kókó 52 á gba 163, ọrùn 34 á gba 107. Mo máa ń kọ òwú yìí náà sí ẹ̀gbẹ́ tábù fún wọn.

Ohun tí òwú ò lè sọ fún yín ni bóyá igi ti wọ́ sí apá kan. Tí téèkì bá ṣì tutù nígbà tí wọ́n yí i, bó ṣe ń gbẹ ni òbìrìkìtì ń di ẹyin, torí pé igi máa ń sún kì ní ọ̀nà tó tẹ̀lé òrùka inú ẹ̀ ju bó ṣe ń sún kì láti èèpo lọ sí àárín, nínú téèkì ó tó bí ìlọ́po méjì. Torí náà ẹ fi irin ìwọ̀n mú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́nà méjì tó dábùú ara wọn. Tó bá jẹ́ 68 àti 68, ó dáa. Tó bá jẹ́ 68 àti 66.5 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, igi yẹn ò gbẹ tó nígbà tí wọ́n yí i, ìgbànú tábìlì tó bá wọ orí onígun mẹ́rin ẹ̀ náà máa tú lọ́jọ́ iwájú.

Gbogbo ìwọ̀n ò le bákan náà lójú mi. Fífẹ̀ ikùn lè fi mílímítà 1 yàtọ̀ láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, kò sẹ́ni tó máa rí i. Gíga ìlẹ̀kẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀, torí pé ojú máa ń fa ìlà láti ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀ yìí sí ti ìyẹn, tí ọ̀kan bá fi 2 wálẹ̀, ẹni tó bá wọlé á rí i láti ẹnu ọ̀nà. Orí onígun mẹ́rin gbọ́dọ̀ jẹ́ 70 torí ìgbànú. Gíga odindi gbọ́dọ̀ bára mu torí ilẹ̀.

Torí náà nígbà tí ẹsẹ̀ tuntun mẹ́rin dé láti Kétu, mo tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ti orí onígun mẹ́rin gbogbo wọn mọ́ ògiri, mo gbé rúlà irin gígùn kan lé orí ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó jókòó sórí gbogbo wọn láìfì, ó sì wà lójú ìlà kan náà láti ọ̀kan dé ìkẹrin. Mo wá wo ìsàlẹ̀: 720, 720, 719, 720. Mo gé mílímítà 1 kúrò nídìí àwọn mẹ́ta tó gùn.